Ìfẹ́ Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo: Bí A Ṣe Ń To Ọ̀rọ̀ Ìgbéfesókè Níbi Ìgbéyàwó

Kí atọ́kùn ètò tó pe ẹni tí yóò gbé ife sókè fún ọkọ àti ìyàwó, ìfẹ́ ti kún etí àwọn àlejò. Bó bá jẹ́ ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti ka Kọ́ríńtì kìíní orí 13 láàárọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde léraléra. Àlùfáà ti fi wàásù. Ẹgbẹ́ akọrin ti fi kọrin. Wọ́n ti kọ ọ́ sára kéèkì, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pín fún àlejò. Alága ọjọ́ náà sì ti dìde, ó ti ní ìfẹ́ ló ń gbé ilé ró. Ẹni tó bá tún gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn gbogbo èyí, tó ní ọkọ wa nífẹ̀ẹ́ ìyàwó wa, ìyàwó wa náà nífẹ̀ẹ́ ọkọ wa, kí ó má bínú bí àwọn èèyàn bá padà sídìí abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù wọn.

Ọ̀rọ̀ ìgbéfesókè kò gùn. Ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ti tó. Ẹni tó ń sọ ọ́ yóò kí ilé kí ọ̀nà, yóò sọ nǹkan kan nípa àwọn méjèèjì tí àlejò tó jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn kò mọ̀, yóò sì ní kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n gbé ife wọn. Ohun tó wà nínú ife kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Níbi púpọ̀, ọtí ẹlẹ́rìndòdò tàbí omi èso ni, pàápàá níbi tí ilé ẹbí kan bá jẹ́ ti Mùsùlùmí tàbí tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò bá fàyè gba ọtí líle. Iṣẹ́ tó ṣòro ni bí èèyàn yóò ṣe fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sọ̀rọ̀ lórí nǹkan kan ṣoṣo láì pe orúkọ nǹkan náà títí yóò fi sú àwọn èèyàn.

Èyí tí àwọn mìíràn máa ń ṣe ni pé wọn á jókòó, wọn á kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jọ ìfẹ́ sílẹ̀ gẹ́rẹrẹ, wọn á wá máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan rọ́pò ìfẹ́ níbi tó bá ti hàn nínú ìwé wọn. Kò lè dáa. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún ìfẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ibi tí kálukú wọn ń gbé yàtọ̀. Òmíràn ń gbé ojú, òmíràn ń gbé ọkàn, òmíràn ọwọ́. Ẹni tó bá mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé kò ní nílò láti máa wá àrọ́pò. Ìtàn àwọn méjèèjì ni yóò máa tò, ibi tí ìtàn bá dé ni yóò sì sọ ọ̀rọ̀ tó tọ́ síbẹ̀.

Ẹ wo "wù". Bí mo bá ní ọkọ nífẹ̀ẹ́ ìyàwó, ọkọ ló wà níwájú, òun ló ń ṣe nǹkan. Bí mo bá ní ìyàwó wu ọkọ, ìyàwó ti bọ́ síwájú, kò sì ṣe ju pé ó ń kọjá lọ jẹ́jẹ́. Ọkọ ni nǹkan ṣe. Gbólóhùn kejì yìí kì í ṣe àtúnwí ti àkọ́kọ́. Ìròyìn mìíràn ni, ìròyìn ọjọ́ tí ojú kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ni "wù" ń gbé, òun àti "jọ lójú". Bó bá di ìgbà tí wọ́n ti mọ ara wọn, a lè ní ọ̀rọ̀ wọ́n wọ̀, tàbí pé ó gba tiẹ̀, tàbí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn láàárín wọn, àárò ló ń sọ wọ́n, ọkàn ló ń fà síbẹ̀. Bí ara ọ̀kan kò bá yá, a ti kúrò lórí ojú àti ọkàn, a ti dé orí ọwọ́: ó kẹ́ ẹ, ó gẹ̀ ẹ́, ó tọ́jú rẹ̀, ó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹ̀gbọ́n ọkọ ni yóò gbé ife sókè. Ìbàdàn ni ọkọ ti ń ṣiṣẹ́. Níbi ìsọmọlórúkọ ló ti kọ́kọ́ rí ìyàwó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ìyàwó lọ sí Ìlọrin láti ṣe àgùnbánirọ̀ fún ọdún kan, tí ọkọ sì ń lọ kí i ní ìparí oṣù. Láàárín ọdún náà, ibà dá ọkọ dùbúlẹ̀, ìyàwó sì gbàyè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó wá tọ́jú rẹ̀. Oríkì ìyàwó ni Àbẹ̀kẹ́, ti ọkọ ni Àjàní. Ohun tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ nìyí:

"Ọkọ wa nífẹ̀ẹ́ ìyàwó wa gan-an. Láti ọjọ́ tó ti rí i ló ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó wa náà nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ yìí ló mú kí ọkọ máa wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin ní gbogbo ìparí oṣù. Bí kò bá sí ìfẹ́, ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Ìfẹ́ ló tún mú kí ìyàwó wa wá tọ́jú ọkọ rẹ̀ nígbà tó ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ ká gbé ife wa sókè fún ìfẹ́ wọn. Kí Ọlọ́run fi ìfẹ́ kún ìfẹ́ wọn."

Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀, kò sì sí àṣìsọ. Àmọ́ ẹ ka nífẹ̀ẹ́ àti ìfẹ́ tó wà níbẹ̀: ó di mẹ́sàn-án láàárín gbólóhùn mẹ́jọ. Ohun tó burú ju iye rẹ̀ lọ ni pé ìfẹ́ ti gba iṣẹ́ ìtàn ṣe. Ìsọmọlórúkọ ti sọnù. Ìlọrin hàn fìrí, ó sì lọ. Ibà di "ṣàìsàn" lásán. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n nìkan mọ̀, tí àwọn àlejò kò mọ̀, ìfẹ́ ti bò ó mọ́lẹ̀.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀gbọ́n fi bírò pa gbogbo ìfẹ́ náà rẹ́, kí ó sì béèrè níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: kí ni wọ́n ṣe gan-an lọ́jọ́ náà? Níbi "ó ti nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti rí i", ìdáhùn ni pé ìyàwó ń pín omi fún àlejò, ọkọ sì gba omi lẹ́ẹ̀mẹta. Níbi "ìfẹ́ yìí ló mú kí ó wọ mọ́tò", ìdáhùn ni pé àwọn tó ń tajà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ti dá a mọ̀. Bí ìdáhùn bá ti jáde, ọ̀rọ̀ tó bá a mu yóò tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ̀gbọ́n wá kọ lẹ́yìn náà nìyí:

"Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìnáwó o. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni ìyàwó wa ti kọ́kọ́ wu ọkọ rẹ̀. Ó ń pín omi fún àlejò. Àbúrò mi gba omi lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ kò gbẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọ́n fi wọ̀. Nígbà tí ìyàwó wa lọ ṣe àgùnbánirọ̀ ní Ìlọrin, ara àbúrò mi nìkan ló kù sí Ìbàdàn. Bí oṣù bá ti ń parí, ó ti dé ibùdókọ̀, débi pé àwọn tó ń tajà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ń bá a tọ́jú ìpín tirẹ̀. Ibà wá dá a dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyàwó wa gbàyè, ó wọ mọ́tò òru, ó fi ẹ̀kọ gbígbóná kẹ́ ẹ, ó sì jókòó tì í títí ó fi dìde. Àjàní, o jà, o ní. Àbẹ̀kẹ́, a bẹ̀ kí a tó rí ọ kẹ́. Ilé wa yóò gbé ọ gẹ̀gẹ̀. Ó yá, ẹ dìde, ẹ gbé ife yín sókè: sí ìfẹ́ Àjàní àti Àbẹ̀kẹ́!"

Ìfẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìparí, nígbà tí ọwọ́ gbogbo èèyàn ti gbé ife. Ibẹ̀ ló tọ́ sí i, nítorí ọ̀rọ̀ tí gbogbo gbọ̀ngàn yóò jọ pariwo nìyẹn, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú lórí ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹjọ ṣáájú, ohùn wọn kò ní ròkè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dùn sí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni oríkì. Àwọn òbí àgbà wa ti bá wa kó ọ̀rọ̀ ìfẹ́ pamọ́ síbẹ̀, pàápàá nínú oríkì obìnrin. Àbẹ̀kẹ́ ni ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àdùkẹ́ ni ẹni tí a ń dù láti kẹ́. Àjọkẹ́ ni èyí tí gbogbo wa jọ ń kẹ́, Àṣàkẹ́ sì ni èyí tí a ṣà láàárín ọ̀pọ̀ kí a tó kẹ́ ẹ. Àníkẹ́ ńkọ́? Ẹni tí a ní, tí a ó máa kẹ́. Oríkì ọkùnrin kì í sábà ní ìkẹ́ nínú. Ìjà àti akitiyan ló pọ̀ níbẹ̀, bíi Àjàní, ẹni tí a jà kí a tó ní. Ìdí nìyẹn tí "o jà, o ní" fi bá ọkọ mu, tí "a bẹ̀ kí a tó rí ọ kẹ́" sì bá ìyàwó mu, láì jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n wá ọ̀rọ̀ kankan láti òde. Bí oríkì ìyàwó bá jẹ́ Àṣàkẹ́, gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ yí padà: "a ṣà títí kí a tó rí ọ". Ẹni tó bá fi bíbẹ̀ kí Àṣàkẹ́, àwọn ìyá àgbà yóò rẹ́rìn-ín, kì í sì ṣe ẹ̀rín oríire.

Ewu wà lára àwọn ọ̀rọ̀ kan tó dà bí ẹni pé wọ́n lè rọ́pò ìfẹ́. Ààyò ni mo máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ó dùn létí, ó sì wúyì, àmọ́ ilé olórogún ni ọ̀rọ̀ náà ń gbé: ààyò ni èyí tí baálé fẹ́ràn jù láàárín àwọn ìyàwó rẹ̀. Bí ẹ bá ní ìyàwó yìí ni ààyò ọkọ rẹ̀, àwọn ẹbí ìyàwó yóò máa wojú ara wọn pé àwọn yòókù dà. Kúndùn ńkọ́? Èèyàn lè kúndùn àmàlà, ó lè kúndùn bọ́ọ̀lù wíwò; bó bá kúndùn obìnrin, àwọn àlejò yóò lóye nǹkan mìíràn. Àfẹ́sọ́nà ti kọjá lọ láti ìgbà tí wọ́n ti so yìgì tàbí tí wọ́n ti fi òrùka sọ́wọ́. Àánú jọ ìfẹ́ nínú àdúrà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ìyàwó ṣàánú ọkọ kó tó gbà á, ẹ ti bú ọkọ lójú àwọn àna rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "fẹ́" gan-an gba ìṣọ́ra. Ó fẹ́ ẹ lè jẹ́ pé ó wù ú, ó sì lè jẹ́ pé ó ti gbé e níyàwó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èkejì ni gbogbo etí yóò gbọ́. Ẹ lè lo èyí fún àǹfààní ara yín: bí ẹ bá jẹ́ ẹbí ọkọ, tí ẹ sì ní "a ti fẹ́ ẹ", gbogbo agbo ilé ló sọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé ìyàwó gbogbo ilé ni. Ìdí nìyí tí ọmọdé inú ilé ọkọ pàápàá fi ń pè é ní "ìyàwó wa".

Ọ̀wọ̀ tún máa ń da ọ̀rọ̀ rú, àwọn èèyàn kì í sì í sábà rò ó ṣáájú. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀, ó lè pe ọkọ ní "ó". Ká ní àbúrò ìyàwó ni wọ́n fún ní iṣẹ́ náà. Kò lè pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "ó", kò sì lè pe ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì ti di "wọn". Bó bá wá ní "wọ́n wù wọ́n, wọ́n sì kẹ́ wọn", ta ló wu ta? Ta ló kẹ́ ta? Bó ti wù kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó lò yàtọ̀ síra tó, àlejò kò ní mọ ohun tó ń sọ. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fi "Àǹtí mi" àti "Bùrọ̀dá wa" rọ́pò "wọn" níbi gbogbo tí àwọn méjèèjì bá ti jọ wà nínú gbólóhùn kan. Kò burú bí àwọn orúkọ yẹn bá ń padà wá. Orúkọ kì í sú èèyàn níbi ìnáwó.

Èyí mú mi dé orí awítúnwí. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ewì wa mọ̀ pé Yorùbá kò kórìíra kí a tún ọ̀rọ̀ wí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ lórí ewì alohùn Yorùbá tó jáde ní 1984, fi hàn pé ọ̀kan lára ọgbọ́n àwọn akéwì ni kí wọ́n tún ìhun gbólóhùn kan náà lò, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan péré nínú rẹ̀ fún èyí tó bá a tan. Ìhun dúró, ọ̀rọ̀ yí. "O jà, o ní" àti "a bẹ̀ kí a tó rí ọ kẹ́" sún mọ́ irú rẹ̀: orúkọ ló ṣíwájú nínú méjèèjì, iṣẹ́ tí orúkọ náà ń ṣe ló sì tẹ̀ lé e. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ tún nǹkan sọ, ẹ tún ìhun sọ. Àmọ́ kí ó má ju méjì tàbí mẹ́ta lọ, nítorí pé ìgbéfesókè kì í ṣe ìjálá.

Àṣejù wà nínú yíyí ọ̀rọ̀ padà náà. Mo ti gbọ́ ẹni tó ní kí Ọlọ́run fi "ìfẹ́, ìkẹ́, ìgẹ̀, ìtọ́jú, ìfararọ àti ojúrere" jíǹkí tọkọtaya. Kò tún ọ̀rọ̀ kankan sọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ lè rìn pọ̀, wọ́n ti mọ́ ara wọn lára. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gbólóhùn tirẹ̀ àti ìṣẹ̀lẹ̀ tirẹ̀. Bí ẹ kò bá rí ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ lè so mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ fi àmì ohùn sórí ìwé tí ẹ máa kà, ó kéré tán sórí àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké. Kẹ́, kẹ̀, ké, gẹ̀, gé: bí wọ́n bá wà láìsí àmì, tí iná gbọ̀ngàn kò sì mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹnu lè yà sí èyí tí a kò fẹ́. Ìyàwó ni à ń kẹ́, egbò ló ń kẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú gbọ̀ngàn kò sì dárí ji ẹnikẹ́ni; ó máa ń gbé àṣìpè dé ẹnu géètì.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí rọrùn. Ẹ ka ìwé náà sókè létí ẹnì kan tí kò mọ ìyàwó rárá. Bó bá parí tán, ẹ bi í ní ohun tó rántí. Bó bá ní "wọ́n fẹ́ràn ara wọn", ẹ padà síbi ìwé. Bó bá ní "ọkùnrin tó gba omi lẹ́ẹ̀mẹta yẹn", ẹ ká ìwé náà sápò.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni wọ́n bẹ̀ láti gbé ife sókè lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ má tíì kọ nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ pe ìyá ìyàwó lórí fóònù, ẹ kí wọn kú ìpalẹ̀mọ́, kí ẹ sì béèrè oríkì ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn.